Èló Ni Ká Pè É? Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Dá Owó Lé Iṣẹ́ Wa Àkọ́kọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, díẹ̀ ni mo gé kúrò.)

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àárọ̀ kùtù. Mo kí àwọn àgbà tó wà níwájú, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wá, mo sì rí àwọn ará Rẹ́mọ náà lápá ọ̀hún, ẹ káàbọ̀ o. Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ọmọ arójòjoyè, gbogbo wa la ṣe é.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí ẹnì kan bá pè yín báyìí, tó ní "mo gbọ́ pé o mọ iṣẹ́ yìí ṣe, èló lo máa gbà?", kí lẹ máa sọ? Mo rí i tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ iṣẹ́ náà, ẹ kọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá dorí èló, ọ̀fun á gbẹ. Ẹlòmíì á ní "ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní, ẹ mú un wá." Ẹlòmíì á kàn pe iye tó bá bọ́ sí i lẹ́nu. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, ohun tó sì fojú mi rí ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé.

Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá èèyàn fọ ilé. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló wà l'Ékòó àti lókè òkun, wọ́n kọ́ ilé síbí, wọ́n tì í pa, ó di Iléyá kí wọ́n tó ṣí i torí Ojúde Ọba ọjọ́ kẹta. Ilé tí wọ́n tì fún oṣù mọ́kànlá, ẹ ò lè fi ìgbálẹ̀ lásán gbá a. Eruku wà, ìgbẹ́ ọmọńlé wà lára ògiri, agbọ́n ti kọ́lé sí ojú fèrèsé, omi inú ṣáláńgá òyìnbó ti gbẹ, òórùn ti gba ilé kan. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ti ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí mi ò mọ̀ ni iye tí èèyàn ń san.

Ọ̀RỌ̀ KÌN-ÍN-NÍ: KÍ LÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ?

Ní 2024, ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí Iléyá pé, bàbá kan pè mí láti Èkó lórí Wásáàpù. Yàrá mẹ́rin, pálọ̀ kan, kíṣíìnì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Wọ́n ní èló. Mi ò tíì rí ilé o! Mo kàn ní 35,000 náírà. Bàbá ní "ó ti parí, ẹ fún mi ní àkáǹtì yín." Wọn ò ná an rárá. Inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé bí wọn ò ṣe ná an yẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Mo mú ọmọbìnrin méjì dání, mo ṣèlérí 7,000 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ọjọ́ kan la máa fi ṣe é. Ọjọ́ méjì ààbọ̀ ló gbà wá. Kí ló fà á? Fèrèsé ilé náà, lúfà ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tì sápá kan. Ẹni tó bá ti fọ lúfà rí á mọ ohun tí mò ń wí, ẹ máa nu gíláàsì kọ̀ọ̀kan níwá àti lẹ́yìn, fèrèsé kan lè ní mẹ́wàá. Pọ́ǹpù kànga wọn náà ti kú, a ní láti máa ra omi. Àwọn tó kun ilé ti da ọ̀dà sórí táìlì, ó sì ti gbẹ, rééṣà la fi ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọmọ méjì, 7,000, ọjọ́ méjì ààbọ̀, 35,000 nìyẹn. Gbogbo owó tí bàbá san, owó àwọn ọmọ náà nìkan ló gbé e lọ! Ọṣẹ, Jíìkì, Hápíìkì, búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà jẹ́ 9,500. Kẹ̀kẹ́ lọ bọ̀ jẹ́ 6,000. Omi tá a rà jẹ́ 5,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 55,500. Ìyẹn ni pé mo fi 20,500 tèmi kún iṣẹ́ olówó, mo sì tún fi ọjọ́ méjì ààbọ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi ẹ̀fà nìkan ni mo rí.

Tí ẹ bá fẹ́ dá owó lé iṣẹ́ àkọ́kọ́, ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ ká gbogbo ohun tí iṣẹ́ yẹn máa jẹ kúrò lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ nìkan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ wo ilé, wákàtí tẹ́ ẹ fi lọ ra ọṣẹ lọ́jà Òkè-Àjé, ìgbà tẹ́ ẹ padà lọ torí pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ò sí nílé, gbogbo ẹ̀ ni. Àwọn irinṣẹ́ náà ń gbó. Mọ́ọ̀pù kì í wà láéláé.

Èwo wá ni tiyín nínú ẹ̀? Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ẹnì kan sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà yẹn pé ṣebí ìjọba ti ní kí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 70,000 ní 2024 yẹn, kí n pín in sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iye tí mo gbọ́dọ̀ gbà lójúmọ́ nìyẹn. Ó máa jẹ́ bí 2,700. Ẹni tó sọ ọ́ ò ní in lọ́kàn láti rẹ́ mi jẹ, ṣùgbọ́n ìṣirò náà ò bá iṣẹ́ wa mu. Ẹni tó ń gba owó oṣù, tí iṣẹ́ bá wà tí kò sí, owó ẹ̀ ń bọ̀. Àwa ńkọ́? Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè wá, a ó jẹun lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo kọ iye tí mo fi ń gbé láàárín oṣù kan sílẹ̀. Oúnjẹ, owó ilé tí mo pín sí oṣù, owó iléèwé ọmọ, àjọ mi, ó jẹ́ 130,000. Mo wá wo ìwé tí mò ń kọ iṣẹ́ sí, mo rí i pé nínú oṣù, ọjọ́ mẹ́tàlá péré ni mo máa ń rí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó ẹ̀. Mo fi 13 pín 130,000, ó fún mi ní 10,000. Iye tí ọjọ́ iṣẹ́ mi kan gbọ́dọ̀ mú wálé nìyẹn, torí òun ló máa gbé ọjọ́ tí kò síṣẹ́ lẹ́yìn. Ẹni tí ò tíì bẹ̀rẹ̀ ò lè mọ iye ọjọ́ ẹ̀, mo mọ̀. Kó fi ìdajì ọjọ́ iṣẹ́ inú oṣù ṣe é, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kó wá tún un ṣe pẹ̀lú ohun tójú ẹ̀ rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ilé bàbá yẹn. 55,500 ti jáde lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ méjì ààbọ̀ tèmi jẹ́ 25,000. Ìdajì ọjọ́ tó yẹ kí n fi lọ wo ilé kí n sì ra nǹkan jẹ́ 5,000. Irinṣẹ́ tó gbó, mo fi 2,500 sí i. Ó di 88,000. Mo fi 9,000 kún un fún ohun tí ojú ò lè rí tẹ́lẹ̀, torí ilé tí wọ́n tì pa, kò sí bí ẹ ṣe wò ó tó, nǹkan kan máa wà níbẹ̀. 97,000. Mò ń pè é ní owó ìsàlẹ̀. Tí mo bá gbà tó kéré sí i, èmi ni mò ń sanwó kí n lè ṣiṣẹ́.

35,000 ni mo pè é o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra.

Ọ̀RỌ̀ KEJÌ: ABÉÈRÈ KÌ Í ṢÌNÀ, ṢÙGBỌ́N KÍ LẸ BÉÈRÈ?

Owó ìsàlẹ̀ ò tíì sọ iye tí ayé ń san. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ wá jáde lọ béèrè. Ẹ má ṣe béèrè pé "ẹ̀yin rò pé èló ló dáa?" Ẹni tí kò san owó yẹn rí máa kàn sọ ohun tó bá wù ú, ọ̀rẹ́ yín á sì sọ èyí tó máa dùn mọ́ yín. Ẹ wá ẹni tó ti san án. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ìgbà wo lẹ san án, èló lẹ san, kí ni wọ́n ṣe fún yín gan-an?

Ìgbà wo yẹn ṣe pàtàkì gan-an ni. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó mọ́tò yí padà, owó ọṣẹ yí padà, owó oúnjẹ àwọn tá à ń gbà síṣẹ́ náà yí padà. Ẹni tó bá fọ ilé ẹ̀ kẹ́yìn ní 2022 kì í parọ́ fún yín tó bá ní 20,000 lòun san, owó ìgbà yẹn ló ń sọ.

Èmi béèrè lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún tí ilé wọn fẹ́ bá ara wọn dọ́gba. Ẹnì kan ní 60,000, ẹnì kan ní 80,000, ẹnì kan 90,000, ẹnì kan 120,000, ẹni ìkẹyìn ní 150,000. Tí ẹ bá gbọ́ báyìí, ẹ máa ní ọjà yìí ò lórí kò nídìí. Ó ní! Mo tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe. Ẹni 60,000, wọ́n kàn gbálẹ̀, wọ́n nu ilẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan fèrèsé, wọn ò fọwọ́ kan tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹni 150,000, wọ́n fọ kọ́tìnì àti ráàgì mọ́ ọn. Àwọn mẹ́ta tó wà láàárín ni iṣẹ́ wọn jọ tèmi, 80,000 sí 120,000. Owó ìsàlẹ̀ mi jẹ́ 97,000, ó sì bọ́ sí àárín wọn. Mo wá mọ̀ pé tí mo bá pe 100,000, mi ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́ èmi náà jẹ.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ńkọ́? Ẹ lè bi wọ́n. Àmọ́ ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Fọlágbádé, ó lè má sọ òótọ́ fún yín, n kì í bá a wí. Ẹ lọ bi ẹni tó wà ní Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹ̀yin méjèèjì ò ní jọ du oníbàárà kan. Ìyá kan ní Ṣàgámù fi wákàtí kan gbáko ṣàlàyé fún mi, wọn ò gba kọ́bọ̀. Àwọn ló kìlọ̀ fún mi pé kí n má da Jíìkì pọ̀ mọ́ Hápíìkì láé, torí èéfín tó máa jáde lè ṣe èèyàn ní jàǹbá ní ẹ̀dọ̀fóró, kí n sì má fi ásíìdì kan mábù, ó máa jẹ ẹ́. Mo mọ ti àkọ́kọ́ láti hòtẹ́ẹ̀lì, mi ò mọ ti ìkejì. Ẹ ò rí i pé tó bá jẹ́ mábù ló wà nílẹ̀, tí sìmẹ́ńtì wá ta sí i, ásíìdì ò ní ṣeé lò, ọwọ́ la máa fi ṣe é, ọjọ́ máa lé, owó náà sì gbọ́dọ̀ lé? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń pe owó ilé tí mi ò rí mọ́. Tí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n ṣe fídíò fún mi láti yàrá dé yàrá, kí wọ́n ṣí fọ́sẹ́ẹ̀tì kí n rí i bóyá omi ń yọ.

Ẹnì kan á ní, tí ohun tí ayé ń san bá wá kéré sí owó ìsàlẹ̀ mi ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ má gba iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ wá máa fo igun ilé, kẹ́ ẹ máa po omi mọ́ ọṣẹ. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ ló máa gba owó òkúta. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ń pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, torí àìmọ̀ ọ́n ṣe kíákíá yín kì í ṣe gbèsè oníbàárà. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ dín iṣẹ́ náà kù ní gbangba, kẹ́ ẹ ní "iye yìí, pálọ̀ àti kíṣíìnì àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì la máa ṣe, a ò ní fọwọ́ kan yàrá." Tí kò bá tún ṣeé ṣe, irú iṣẹ́ yẹn ò tó jẹ ní ìlú yìí nìyẹn. Ó dun èèyàn, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lórí ìwé sàn ju kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n nínú gbèsè.

Ọ̀RỌ̀ KẸTA: BÍ A ṢE Ń SỌ Ọ́ JÁDE

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù rèé:

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. A ti rí ilé yín. A máa fọ yàrá mẹ́rin, pálọ̀, kíṣíìnì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, gbogbo fèrèsé nínú àti lóde, a máa gé ilé aláǹtakùn àti ilé agbọ́n. Kọ́tìnì, ráàgì àti inú táǹkì omi ò sí nínú ẹ̀. Èèyàn mẹ́ta, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ọṣẹ àti gbogbo nǹkan èlò, tiwa ni. Omi, tiyín ni. Owó ẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, ìdajì ṣáájú, ìdajì tẹ́ ẹ bá ti wò ó tó tẹ́ yín lọ́rùn."

Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ dákẹ́. Ẹ má tún fi òmíràn tẹ̀ lé e pé "àmọ́ ẹ lè dín in kù o." Àwa là ń kọ́kọ́ ná ọjà ara wa kí oníbàárà tó la ẹnu!

Tí ẹ bá fẹ́ dín in kù torí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó hàn. Mo sọ fún àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé bàbá yẹn pé iye iṣẹ́ yìí jẹ́ 100,000, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró ni, ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò ilé kí n tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ iṣẹ́ mi fún ẹni méjì, màá gba 85,000. Mo mọ̀ pé mo fi 12,000 sílẹ̀ lára owó ìsàlẹ̀ mi, mo sì mọ̀ pé ẹni mẹ́ta péré ni. Tí mo bá kàn pe 85,000 láìsọ nǹkan kan, lọ́dún tó ń bọ̀ tí mo bá pe 100,000, wọ́n á ní mo ti yípadà, wọn ò sì ní jẹ̀bi.

Tí iṣẹ́ bá wá lé ńkọ́? Ẹ bi ara yín, ta ló yẹ kó mọ̀? Lúfà wà lójú fèrèsé, ó yẹ kí n rí i, ó sì di gbèsè tèmi. Ṣùgbọ́n tá a bá gbé ráàgì tá a rí i pé ikán ti jẹ pákó abẹ́ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè mọ ìyẹn. Ẹ dúró, ẹ ya fọ́tò, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe é tán kẹ́ ẹ wá gbé owó tuntun dé, ìjà ló ń dá.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan níwájú yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan gbé jíípù ńlá wá mú mi lọ wo ilé ẹ̀. Ilé náà ò ju ti àwọn yòókù lọ. Mo wo jíípù, mo pe 180,000. Ó san án. Ní Ojúde Ọba, òun àti ọ̀kan nínú àwọn tí mo gba 85,000 lọ́wọ́ wọn wà nínú régbérégbé kan náà, wọ́n jọ jókòó, ọ̀rọ̀ dórí ilé fífọ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò bínú, ó kàn ní "kí ni mo ṣe fún ọ?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo dá 80,000 padà fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pín in san, torí mo ti ná nínú ẹ̀. Iṣẹ́ la ń dá owó lé, ẹ jọ̀ọ́, a kì í dá a lé ọkọ̀ tí èèyàn gbé wá. Tí ilé bá tóbi, ẹ gba owó títóbi ẹ̀. Tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ wá lóru tàbí láàárọ̀ ọ̀la, ẹ gba owó ìkánjú, kẹ́ ẹ sì sọ pé owó ìkánjú ni.

ÌBÉÈRÈ

Arábìnrin kan béèrè pé báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé iye tóun ń pè ò dáa. Mo ní kó wo ẹni mẹ́wàá tó bá pè é. Tí gbogbo wọn bá gbà kíá bíi ti bàbá mi ọjọ́sí, owó náà kéré. Tí mẹ́sàn-án bá sá, kó bi méjì nínú wọn ohun tó lé wọn, torí nígbà míì kì í ṣe owó ni, wọn ò mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà ni. Tí bí ìdajì bá gbà, tí díẹ̀ ná an, tí díẹ̀ lọ, ó wà níbi tó yẹ kó wà. Kó sì máa kọ wákàtí tó lò lórí ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ẹbí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní kóun wá ṣe iná ilé àwọn, wọ́n ní "ọmọ wa ni ẹ́." Gbogbo ilé pariwo, ó jọ pé ó ti kan gbogbo wa. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó kọ iye iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, kó kọ iye wáyà àti gbogbo ohun tó máa rà sọ́tọ̀, kó mú un lọ bá wọn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, kó ní "Màmá, iye ẹ̀ rèé. Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo fún yín lẹ́bùn. Owó ọjà yìí, ẹ bá mi san án kí n tó lọ rà á." Ó bi mí pé tí wọn ò bá san ti ọjà ńkọ́. Mo ní kó má tíì ra wáyà.